Orí Keje: Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Sọ Pé Prínta Kò Sí

Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí ó bá sì rí i tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ `Offline` sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ prínta, nígbà tí prínta náà wà níwájú rẹ̀ gbangba, tí iná rẹ̀ ń tàn, tí bébà sì kún inú àwo rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rántí pé ẹjọ́ apá kan ṣoṣo ni òun tíì gbọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń rojọ́. Ohun tí ó ń sọ kò sì ju èyí lọ, pé òun ránṣẹ́ sí prínta ní ibi tí òun mọ̀ ọ́n mọ́, òun kò sì rí ìdáhùn gbà. Kò sọ pé prínta bàjẹ́, kò sọ pé tónà rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé dráífà rẹ̀ kò dára. Àwa tí a ń kánjú ni a máa ń fi gbogbo ìwọ̀nyí kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí a tó wá ibi tí ọ̀nà gbé dí, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀nà náà ti rí. Nígbà tí ènìyàn bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó tẹ ìwé kan, dráífà ni yóò kọ́kọ́ gba ìwé náà, tí yóò sì yí i padà sí èdè tí prínta gbọ́, nítorí pé prínta kọ̀ọ̀kan ni ó ní èdè tirẹ̀, àwọn kan ń gbọ́ PCL, àwọn mìíràn ń gbọ́ PostScript, àwọn tí owó wọn kò pọ̀ sì ń gbọ́ èdè tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn nìkan. Lẹ́yìn èyí ni sípúlà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `Print Spooler` lójú Windows, yóò kó iṣẹ́ náà pamọ́ sínú fáìlì lórí dísíkì, tí yóò tò ó sí ẹ̀yìn àwọn iṣẹ́ tí ó ti ṣáájú rẹ̀ dé, títí yóò fi kàn án. Bí ó bá sì kàn án, yóò fi í ránṣẹ́ gba inú pọ́ọ̀tù, níbi tí a kọ àdírẹ́sì prínta sí. Ibi pọ́ọ̀tù yìí, tí í ṣe ìpẹ̀kun ìrìn-àjò náà ní ìhà ti kọ̀ǹpútà, ni ọ̀rọ̀ `Offline` ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì sáré lọ ń yọ dráífà, tí ó ń fi òmíràn sí i, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí a lè bá pàdé nítòsí Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Àwọn Olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ìlú Ajagúnnlá, níbi tí àwọn tí ń wá ìwé-ẹ̀rí NCE ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn kí wọ́n tó lọ dì í. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kọ̀ǹpútà kan wà, prínta léésà kan wà, ráútà kékeré kan sì wà tí ó so wọ́n pọ̀ nípa wáífáì. Àwọn oníbàárà pàápàá a máa fi fóònù wọn wọ inú wáífáì kan náà, kí wọ́n lè fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ní ọ̀sán, àwọn oníná mú iná lọ. Oníṣọ́ọ̀bù tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbogbo sì tún jí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dé pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí olójú-ewé 40, oníṣọ́ọ̀bù tẹ bọ́tìnì, bébà kò jáde. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó bá `Offline` níbẹ̀. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀, olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ mi ń dúró dè mí,” ni akẹ́kọ̀ọ́ wí. Àǹtí tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ fi iye ìgbà tí ó tẹ̀ ẹ́ yìí sọ́kàn.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá wọ inú wáífáì ni ráútà máa ń fún ní àdírẹ́sì, tí í ṣe nọ́ńbà mẹ́rin tí a fi àmì ìdánudúró yà sọ́tọ̀, bí irú `192.168.1.104`. Àdírẹ́sì yìí kì í ṣe ohun ìní ẹ̀rọ. Àyálò ni, ó sì ní iye wákàtí tí ó fi wà lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a. Nígbà tí a kọ́kọ́ so prínta mọ́ kọ̀ǹpútà, 104 ni ó ń jẹ́, 104 náà sì ni a kọ sínú pọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná lọ, púpọ̀ nínú àwọn ráútà kéékèèké wọ̀nyí gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n yá ẹnikẹ́ni. Bí jẹnẹrétọ̀ ti dún, fóònù àwọn oníbàárà, tí wọn kò kú rárá nítorí pé bátìrì ń bẹ nínú wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ráútà, ráútà sì mú 104 fún ọ̀kan nínú wọn. Prínta léésà ní tirẹ̀ ṣì ń jí, ó ń gbóná, ó ń yí àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí ó fi béèrè àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́, ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀, 109 ni wọ́n sì fún un. Ó dà bí ìránṣẹ́ tí a fún ní ẹrù láti gbé lọ fún ọkùnrin kan ní Ìperin, láìmọ̀ pé ọkùnrin náà ti kó lọ sí Ẹ̀yìndì ní àná. Ìránṣẹ́ kò ṣìnà, ẹni tí a rán an sí kò sì kú, àmọ́ ẹrù kò dé.

Èyí náà ni ó jẹ́ kí àrùn yìí máa ṣe bí abíkú, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ tí kò bá sí oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí iná dé, prínta yóò béèrè 104, yóò bá a lófìfo, yóò sì gbà á padà. Kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá kún, àrùn náà á tún yọjú. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a wá máa sọ pé prínta náà kò fẹ́ràn èrò.

Bí a ó ti ṣe mọ̀ dájú kò le. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo prínta wáífáì ni ó lè tẹ ojú ìwé kan tí ó fi ń sọ nípa ara rẹ̀, láìsí ọwọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Nínú àwọn kan, a ó mú un jáde láti ojú sukirínì kékeré tí ó wà lára rẹ̀, nínú àwọn mìíràn, bọ́tìnì kan ni a ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Lójú ìwé yìí ni a ó ti rí àdírẹ́sì tí ó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, àti nọ́ńbà kan tí a ń pè ní MAC, tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́, tí kì í yí padà bí àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà, kí a lọ sí kọ̀ǹpútà, kí a ṣí `Printers & scanners`, kí a tẹ orúkọ prínta, kí a wọ `Printer properties`, kí a sì yan `Ports`. Pọ́ọ̀tù tí a fi àmì sí ni ó ń ṣiṣẹ́, àdírẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sì ń ránṣẹ́ sí. Bí èkíní bá jẹ́ 109, tí èkejì sì jẹ́ 104, a ti gbọ́ ẹjọ́ apá méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni yóò sọ pé kí a fi `ping` dán ọ̀nà wò, èyí kò sì burú, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn nínú. Bí a bá fi í pe 104 nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ṣeé ṣe kí a rí ìdáhùn, nítorí pé fóònù oníbàárà tí ó wà níbẹ̀ lè dáhùn. A ó wá máa rò pé ọ̀nà là, nígbà tí ó jẹ́ pé ará ilé mìíràn ni ó ń jẹ́ wa. Ohun tí ó sàn jù ni kí a béèrè ohun tí prínta nìkan máa ń ní. Púpọ̀ nínú prínta tí ń gba iṣẹ́ láti orí nẹ́tíwọ̀kì ni ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9100, fóònù kì í sì í ní in. Nítorí náà, kí a ṣí PowerShell, kí a sì kọ ọ́ báyìí:

```
Test-NetConnection 192.168.1.104 -Port 9100
Test-NetConnection 192.168.1.109 -Port 9100
```

Níbi tí a bá ti rí `TcpTestSucceeded : True`, ibẹ̀ ni prínta ń gbé. Bí àdírẹ́sì tí ó wà lórí ojú ìwé prínta bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `169.254`, kí a má wulẹ̀ dán ohunkóhun wò mọ́. Prínta náà kò rí ẹni tí yóò fún un ní àdírẹ́sì, òun ni ó fún ara rẹ̀ lórúkọ. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ra ráútà tuntun, tí orúkọ wáífáì tàbí ọ̀rọ̀ ìwọlé sì yí padà, tàbí tí ráútà náà ń lo ìgbì 5 GHz nìkan, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn prínta olówó pọ́ọ́kú kò rí ju ìgbì 2.4 GHz lọ.

Àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ ni pé kí a tẹ `Add Port` ní ojú ibi kan náà, kí a yan `Standard TCP/IP Port`, kí a kọ `192.168.1.109` sí i, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: iná yóò tún lọ lọ́la, ẹlòmíràn yóò sì gba 109. Àtúnṣe tí ó dópin ni kí a wọ inú ètò ráútà, kí a mú nọ́ńbà MAC tí a rí lórí ojú ìwé prínta, kí a sì pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà yìí, àdírẹ́sì kan pàtó ni kí a máa fún un láéláé, kí a má sì fi í fún ẹlòmíràn bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ sí nílé. Bí ráútà náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní irú ètò yìí, a lè kọ àdírẹ́sì náà sára prínta fúnra rẹ̀. Àmọ́ kí a ṣọ́ra kí a má mú nọ́ńbà tí ráútà ń pín. Bí ó bá ń pín láti 100 dé 199, tí ráútà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ 1, kí a fún prínta ní 20, kí òun àti ẹ̀rọ mìíràn má baà forí gbárí, kí a sì kọ 20 náà sínú pọ́ọ̀tù.

Nígbà mìíràn, a ti ṣe gbogbo èyí, ẹnu ọ̀nà 9100 sì dáhùn `True`, síbẹ̀ `Offline` kò kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Níhìn-ín, irọ́ tí kì í ṣe ti àmọ̀ọ́mọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń pa. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ó ń fi ránṣẹ́, Windows a tún máa béèrè àlàáfíà prínta nípa ọ̀nà mìíràn tí a ń pè ní SNMP. Bí prínta kò bá gbọ́ ìkíni yẹn, bóyá nítorí pé wọ́n ti pa á nínú ètò rẹ̀, Windows yóò gbà pé ó ti kú, yóò sì kọ̀ láti rán iṣẹ́ sí i. Kí a padà sí `Ports`, kí a tẹ `Configure Port`, kí a sì yọ àmì kúrò níwájú `SNMP Status Enabled`. Ó tún dára kí a wo fèrèsé ìtò iṣẹ́, bóyá ẹnìkan ti ṣèèṣì fi àmì sí `Use Printer Offline`. Èyí kò gbà ju kí a yọ ọ́.

Ti àwọn tí ń lo wáyà USB kò gùn púpọ̀. Bí a bá yọ wáyà kúrò ní ojú ihò kan, tí a sì tì í bọ òmíràn, Windows lè rò pé prínta tuntun ni ó dé, yóò sì fi orúkọ kejì sílẹ̀ tí `(Copy 1)` wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ á wá di `Offline`, òun sì ni gbogbo ìwé ṣì ń lọ bá. Kí a dá wáyà padà sí ihò rẹ̀, tàbí kí a sọ orúkọ kejì di èyí tí a ó máa lò.

Àrùn kan tún wà tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń gbára lé jẹnẹrétọ̀ bí àwa, tí àwọn ìwé tí a kọ ní òkè òkun kì í sì í sábàá mẹ́nu bà. Prínta léésà a máa fi iná gbígbóná lẹ tónà mọ́ bébà, iná náà sì wúwo; ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó bá fẹ́ gbóná, ó lè fa ju ohun tí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé lọ, pàápàá bí fáànù àti fìríìjì bá ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná yóò rẹlẹ̀ lójijì, prínta yóò kú, yóò sì tún tan padà, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ `Offline`. Ohun tí a ó fi dá èyí mọ̀ ni àkókò rẹ̀: kò ní ṣẹlẹ̀ nígbà tí prínta bá jókòó jẹ́ẹ́, àfi gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí ó ṣiṣẹ́. Gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù pàápàá yóò ṣẹ́jú. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i nínú kọ̀ǹpútà. Kí a dín ẹrù kù lórí jẹnẹrétọ̀, tàbí kí a wá èyí tí ó tóbi jù ú lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Àǹtí tí ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí ọ̀nà dí, sípúlà kò da iṣẹ́ kankan nù. Ó tò wọ́n pamọ́ ni. Bí a bá la ọ̀nà náà láìkọ́kọ́ wo ìtò iṣẹ́, ojú ewé 120 ni yóò tú jáde dípò 40, bébà àti tónà ẹni ni yóò sì sanwó rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó yí àdírẹ́sì padà, kí a ṣí fèrèsé ìtò iṣẹ́, kí a fagi lé méjì nínú mẹ́ta. Bí èyí tí a fagi lé bá kọ̀ tí kò lọ, tí ó ń kọ `Deleting` láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, a jẹ́ pé sípúlà ti há. Kí a ṣí Command Prompt pẹ̀lú agbára alákòóso, kí a dá sípúlà dúró, kí a gbá ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, kí a sì tún un gbé dìde:

```
net stop spooler
del /Q C:\Windows\System32\spool\PRINTERS\*.*
net start spooler
```

Fáìlì méjì méjì ni a ó bá níbẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó parí sí `.SPL` ni ìwé náà gan-an, èyí tí ó parí sí `.SHD` ni àkọsílẹ̀ nípa ẹni tí ó ni ín àti prínta tí ó ń lọ. Kí ẹni tí ń ka ìwé yìí mọ̀ pé ìgbálẹ̀ yìí kò mọ ọmọ ẹni yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn: iṣẹ́ gbogbo prínta tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà náà ni yóò gbá lọ, ti ẹni tí ó jókòó dè é àti ti ẹni tí kò tíì dé. Kí ó sì rí i dájú pé orúkọ fódà tí òun kọ pé pérépéré, nítorí pé fódà tí àwọn dráífà ń gbé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an.

Bí a bá gbé sípúlà dìde, tí ó tún kú ní gbàrà tí a rán iṣẹ́ sí i, nígbà náà ni ó tó àkókò láti fura sí dráífà. Àmì rẹ̀ mìíràn, tí ó wọ́pọ̀ ju èyí lọ, ni pé prínta kò ní `Offline` lójú rárá, bébà ń jáde, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ọ̀rọ̀ ni ó wà lórí rẹ̀: bóyá ìlà kan ṣoṣo tí `@PJL` wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà bébà lórí bébà tí àmì àjèjì méjì mẹ́ta wà ní orí rẹ̀. Prínta náà ń ka àṣẹ tí a fún un bí ẹni ń ka ìwé, nítorí pé dráífà ti bá a sọ èdè tí kò gbọ́. Kí a tètè fa bébà kúrò nínú àwo, kí a fagi lé iṣẹ́ náà, kí a yọ prínta kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kí a sì kọ àṣẹ yìí:

```
printui /s /t2
```

Yóò ṣí ibi tí orúkọ gbogbo dráífà wà. Kí a yọ ti prínta yìí, kí a sì fi èyí tí ó bá nọ́ńbà ara prínta mu régí sí i, kì í ṣe ti àbúrò rẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Windows bá ní dráífà náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí a dá sípúlà dúró kí a tún un tan, kí a sì tún gbìyànjú.

Ní àwọn ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ti ń pín prínta kan lò, bí irú ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba dráífà láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn yóò bá a pé Windows ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé alákòóso lọ́wọ́ òun. Kì í ṣe àbùkù prínta. Ní ọdún 2021 ni a rí àlàfo kan nínú sípúlà, tí wọ́n sọ ní PrintNightmare, èyí tí àwọn olè orí nẹ́tíwọ̀kì lè gbà wọlé nípa dráífà ayédèrú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Microsoft pàṣẹ pé láti ìgbà náà lọ, alákòóso nìkan ni kí ó máa fi irú dráífà bẹ́ẹ̀ sí i. Kí a pe alákòóso, kí a má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka orí yìí dé ibí dìde lọ sí ìdí prínta wáífáì tí ó bá sún mọ́ ọn jù, ìbáà jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ó mú ojú ìwé tí prínta fi ń sọ nípa ara rẹ̀ jáde, kí ó sì fi àdírẹ́sì tí ó bá níbẹ̀ wé èyí tí ó wà nínú pọ́ọ̀tù kọ̀ǹpútà. Kí ó kọ àdírẹ́sì náà àti nọ́ńbà MAC sórí bébà pélébé kan, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn prínta, kí ó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún olùkọ́ rẹ̀ kí a tó wọ orí kẹjọ.